Bí a ṣe ń tọ́jú bátìrì ìpamọ́ kí iná inú rẹ̀ má bàa lọ kó tó di ọjọ́ ìlò

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, màmá mi ní orí ń fọ́ àwọn, wọ́n ní kí n bá àwọn wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo gbé ẹ̀rọ náà jáde, mo wé aṣọ rẹ̀ mọ́ wọn lápá, mo tẹ bọ́tìnì. Ó fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Kò sí iná NEPA láti ìrọ̀lẹ́. Mo sáré lọ mú bátìrì mẹ́rin tí mo ti ṣáàjì kún fọ́fọ́ ní oṣù méjì ṣáájú, tí mo tò sínú abọ́ kékeré kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fi wọ́n sínú ẹ̀rọ náà. Kò tilẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn rárá.

Màmá wò mí, wọ́n ní, “Àbí o ò ṣáàjì wọn ni?”

Mo ní, “Mo ṣáàjì wọn mà. Mi ò tíì lò wọ́n rí láti ọjọ́ yẹn.”

Òótọ́ ni mo sọ. Ará ilé kejì ló yá wa ní bátìrì ní alẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, tí mo ń wọn bátìrì, tí mo ń kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀. Bátìrì tí a kò lò kò sinmi. Iná inú rẹ̀ ń lọ lọ́sàn-án lóru, àmọ́ bó ṣe ń yára lọ sí yàtọ̀ gan-an láti irú bátìrì kan sí òmíràn, ooru ibi tí a bá gbé e sí ló sì ń mú kí eré ọ̀hún pọ̀ sí i. Bátìrì AA ni màá fi ṣàlàyé jù, torí òun ló wà nínú ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru, aago ara ògiri, rédíò àti ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì wa.

Àkọ́kọ́: ẹ ka àmì tó wà lára rẹ̀

Ẹ má fi àwọ̀ bátìrì tàbí ìnagijẹ tó wà lára páálí rẹ̀ dá a mọ̀. Ẹ mú un súnmọ́ ojú, ẹ yí i ká, ẹ wá àmì kékeré kan tó sábà máa ń wà nítòsí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí LR6, álíkáláìnì ni. Bí ó bá jẹ́ HR6, tàbí tí wọ́n kọ NiMH sí i, oníníkẹ́lì tí a ń ṣáàjì ni. Bí ó bá jẹ́ FR6, onílítíọ́mù ni, èyí tí a kì í ṣáàjì. Bí ó bá jẹ́ R6 lásán tí kò ní lẹ́tà kankan níwájú, bátìrì olówó pọ́ọ́kú ti àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n fi síńkì àti èédú ṣe. Bátìrì kéékèèké AAA náà ní irú àmì yìí, 03 ni wọ́n kàn ń kọ dípò 6: LR03, HR03, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọwọ́ pàápàá lè bá ẹ mọ̀ ọ́n. Álíkáláìnì AA kan wúwo tó gíráàmù 23 tàbí 24. Ti lítíọ́mù fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju gíráàmù 15 lọ, ńṣe ló máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́ bí ìgbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ta bátìrì “lítíọ́mù” FR6 fún yín tó sì wúwo bíi ti álíkáláìnì, ẹ dá a padà.

Àwọn bátìrì tó já mi kulẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, HR6 ni wọ́n kọ sí i lára, irú oníníkẹ́lì ti àtijọ́.

Bí iná ṣe ń lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan

Oníníkẹ́lì ti àtijọ́ ló burú jù nínú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kìíní péré tí a bá yọ ọ́ kúrò lára ṣájà, ó lè pàdánù ìdá 5 sí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a rọ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò rọra máa lọ. Tí oṣù kan bá fi máa pé nínú yàrá tí ìgbóná rẹ̀ kò ju 20°C lọ, nǹkan bí ìdá 30 ti lè lọ. Ìdí ni pé níkẹ́lì tó wà ní ìhà orí bátìrì náà kì í fẹ́ dúró bẹ́ẹ̀ bó bá ti kún. Háídírójìn tó wà nínú irin ìhà kejì ń jò wá bá a díẹ̀díẹ̀, ìdọ̀tí inú omi bátìrì àti aṣọ tín-ín-rín tó pín àárín wọn sì ń gbé iná láti ìhà kan sí èkejì, láìsí wáyà kankan níta.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ilé iṣẹ́ Sanyo ní Japan gbé irú tuntun kan jáde tí wọ́n pè ní Eneloop. Wọ́n ṣàtúnṣe irin inú rẹ̀ àti aṣọ àárín yẹn, wọ́n sì sọ pé bí a bá ṣáàjì rẹ̀ tí a gbé e sílẹ̀ fún odindi ọdún kan, ìdá 85 iná rẹ̀ ṣì máa wà níbẹ̀. Èyí tó jáde lẹ́yìn náà tiẹ̀ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá 70 lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ fún un, níbi tí kò gbóná ju 20°C lọ. Ilé iṣẹ́ mìíràn náà ti ń ṣe irú rẹ̀. Ọ̀nà kan láti dá a mọ̀ ni pé wọ́n máa ń ti ilé iṣẹ́ ṣáàjì rẹ̀ kí wọ́n tó kó o jáde, wọ́n á sì kọ ọ́ sára páálí pé ẹ lè lò ó lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà kejì ni nọ́ńbà mAh rẹ̀, tó ń sọ iye iná tó lè gbà: AA irú èyí sábà máa ń jẹ́ 1,900 sí 2,000 mAh. Èyí tí wọ́n kọ 2,700 tàbí 2,800 sí lára sábà máa ń jẹ́ ti àtijọ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ òótọ́ nípa nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà ńlá ló tàn mí tí mo fi ra tèmi.

Álíkáláìnì kò ní wàhálà ìyẹn. Ìdá 2 sí ìdá 3 péré ni ó ń pàdánù lọ́dún kan ní 20°C, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè kọ ọdún 7 tàbí ọdún 10 síwájú sí ara rẹ̀. Ohun tó ń pa álíkáláìnì kì í sábà jẹ́ pé iná rẹ̀ lọ. Síńkì inú rẹ̀ ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń jẹrà ni gáàsì háídírójìn ń jáde, gáàsì náà sì ń kóra jọ nínú agolo tí a dé pa. Bí ó bá ti pọ̀ jù, ibi tó fẹ́lẹ́ ní ìdí bátìrì á ya, omi tó ń jó ara á sì tú jáde. Màá padà sórí èyí, nítorí òun ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́.

Lítíọ́mù FR6 àti lítíọ́mù pẹlẹbẹ bíi CR2032 tó wà nínú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ni ọ̀gá níbi ká dúró pẹ́. Wọn kì í sábà pàdánù ju nǹkan bí ìdá 1 lọ lọ́dún. Ohun kan ń bo lítíọ́mù inú wọn bí awọ, awọ náà sì ń dáàbò bò ó kó má bàa jẹrà. Ó wọ́n gan-an, n kò sì ní sọ pé kí ẹ fi sínú rìmóòtù. Ibi tí mo fi tèmi sí ni kí ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín níwájú.

Ìkejì: ẹ wá ibi tó tutù jù nínú ilé

Ẹ kíyè sí i pé 20°C ni wọ́n fi ṣe gbogbo ìṣirò òkè yìí. Ta ló ní yàrá 20°C ní Ìbàdàn ní oṣù kẹta, láìlo ẹ̀rọ amúlétutù? Òfin àfojúdá tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bátìrì ń lò ni pé bí ìgbóná bá fi 10°C gòkè, ìyára tí iná fi ń lọ á di ìlọ́po méjì tàbí súnmọ́ ọn. Álíkáláìnì tó ń pàdánù ìdá 3 lọ́dún ní 20°C lè máa pàdánù ìdá 6 ní 30°C, àti ìdá 12 ní 40°C. Oníníkẹ́lì ti àtijọ́ tó ń pàdánù ìdá 30 lóṣù ńkọ́? Ẹ lè ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín, ẹ ó sì rí ìdí tí bátìrì mi fi kú pátápátá lẹ́yìn oṣù méjì lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo ra tẹmómítà kékeré kan, mo sì gbé e kiri ilé ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù kó kan sílíìnì, tí pánù òrùlé sì wà lókè rẹ̀, ó ka 37°C. Nínú dúróà ìsàlẹ̀ pátápátá nínú yàrá tí òrùn kì í wọ̀, nínú ilé kan náà, ní ọjọ́ kan náà, ó ka 29°C. Ìyàtọ̀ 8°C nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti dín ohun tó ń ṣòfò kù sí ìlàjì, láìná kọ́bọ̀.

Torí náà, ẹ wá ibi tó súnmọ́ ilẹ̀, tó jìnnà sí ògiri tí òrùn ọ̀sán ń lù, tó jìnnà sí ilé ìdáná àti sí ẹ̀yìn fíríìjì, nítorí ẹ̀yìn fíríìjì ni ooru ń gbà jáde. Ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì máa ń rin nígbà òjò, ẹ má gbé e lé ilẹ̀ gan-an. Mọ́tò ni ẹ má dán wò rárá. Inú mọ́tò tí a gbé sí oòrùn tí a ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ lè gbóná kọjá 60°C, kò sì sí bátìrì ìpamọ́ tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni ti fíríìjì. Fún álíkáláìnì àti lítíọ́mù, mo ní rárá. Èrè rẹ̀ kéré, àwọn tó ń ṣe wọ́n náà kò sì gbà á níyànjú, nítorí omi tó ń rìn lára ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú òtútù lè mú kí orí àti ìdí bátìrì dípẹtà. Nílé wa, tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀, inú fíríìjì ń gbóná ó ń tutù lójoojúmọ́, èyí sì burú ju yàrá tó gbóná níwọ̀n lọ. Oníníkẹ́lì ti àtijọ́ nìkan ni òtútù ń ṣe ní oore tó hàn gbangba. Bí iná yín bá dúró dáadáa tí ẹ sì fẹ́ ṣe é, ẹ kó wọn sínú ike tó ní ìdérí líle, ẹ fún atẹ́gùn jáde nínú náílọ́ọ̀nù tí ẹ fi wé e, ẹ gbé e sí àárín fíríìjì, kì í ṣe ibi yìnyín. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má ṣí ike náà títí wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin á fi kọjá, kó lè gbóná tán kí atẹ́gùn tó kàn án. Ní tèmi, mo kúkú ra oníníkẹ́lì tuntun yẹn, mo sì fi fíríìjì sílẹ̀ fún ẹja.

Ìkẹta: ẹ wọn ti yín fúnra yín

Bí ẹ bá ti ní bátìrì tí a ń ṣáàjì nílé, ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ẹ lè mọ èyí tó ń jò àti èyí tí kò jò. Ṣájà tó ní ojú tó ń kọ mAh ni ẹ nílò, èyí tó lè fa iná bátìrì tán kó sì ka iye tó fà jáde.

Ẹ kọ́kọ́ fi bírò kọ lẹ́tà sára bátìrì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣáàjì gbogbo wọn kún, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi fún wákàtí kan, kí ẹ wá jẹ́ kí ṣájà fa iná wọn tán, ẹ sì kọ iye tó kà sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ìpìlẹ̀ nìyẹn. Ẹ tún ṣáàjì wọn kún, ẹ yọ wọ́n, ẹ kọ déètì sílẹ̀, ẹ gbé wọn síbi tí ẹ máa ń tọ́jú wọn sí gan-an. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ má tún wọn ṣáàjì o. Ẹ fa iná wọn tán tààrà, ẹ sì ka nọ́ńbà kejì. Àwọn ṣájà kan máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáàjì fúnra wọn bí a bá ti fi bátìrì sí i, nítorí náà ẹ tètè tẹ bọ́tìnì tó ń fa iná kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí tèmi ṣe rí rèé, nínú dúróà 29°C náà. Bátìrì A, ti àtijọ́ tí wọ́n kọ 2,700 sí lára, kà 2,150 lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ ó kà 1,290. Ó pàdánù 860. Ẹ pín 860 sí 2,150, ìdá 40 ni. Bátìrì B, irú tuntun tí wọ́n kọ 2,000 sí, kà 1,950, lẹ́yìn oṣù kan ó kà 1,872. Ó pàdánù 78 péré, ìdá 4. Bátìrì D, tí òun àti A jọ wà nínú páálí kan náà ṣùgbọ́n tí mo ti lò ní ìlòkulò nínú ohun ìṣeré àwọn ọmọ, kà 1,900, ó sì wálẹ̀ sí 380. Ìdá 80 ti lọ lóṣù kan.

Ẹ wo D dáadáa, torí òun ló fi ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ hàn. Lọ́jọ́ tí a bá ṣáàjì rẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ó ní àìsàn: 1,900 rẹ̀ kò jìnnà sí ti B. Ìgbà tí a bá gbé e sílẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ ń hàn. Bátìrì tó ti gbó tàbí tí wọ́n ti fà gbẹ kọjá ààlà máa ń jò báyìí, tí ẹ bá sì kó òun àti mẹ́ta tó dára sínú ẹ̀rọ kan, òun ló máa kọ́kọ́ gbẹ, àwọn yòókù á sì máa ti iná gba inú rẹ̀ kọjá sẹ́yìn títí á fi bàjẹ́ pátápátá. Bátìrì mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan, ọjọ́ orí kan, nọ́ńbà tó súnmọ́ra. Èyí tó bá pàdánù ju ìlàjì lọ lóṣù kan, mi ò ní fi ṣe ìpamọ́ mọ́.

Ẹ má retí pé mítà lásán tó ń wọn fóòtì máa sọ èyí fún yín. Oníníkẹ́lì máa ń dúró sí nǹkan bí fóòtì 1.2 sí 1.3 láti ìgbà tó kún títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, lẹ́yìn náà ló máa ja wálẹ̀ lójijì. Mo wọn A àti B lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ náà kí n tó fa iná wọn, ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fóòtì kan.

Fún álíkáláìnì, mítà wúlò díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tuntun máa ń ka nǹkan bíi 1.6. Èyí tó ti ka 1.4 láìsí ẹni tó lò ó, ẹ fi sínú aago ara ògiri tàbí rìmóòtù, ẹ má fi ṣe ìpamọ́ fún ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru, torí ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. FR6 tuntun máa ń ka 1.7 sí 1.8, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù.

Ìkẹrin: álíkáláìnì tó ń tú omi

Inú ẹ̀rọ ni álíkáláìnì ti sábà máa ń tú omi, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú páálí. Ẹ̀rọ tí a pa pàápàá ṣì ń fa iná tíntìntín, bíi ti aago inú ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń rántí déètì. Bátìrì á gbẹ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ọ̀kan á ṣáájú èkejì, gáàsì á sì pọ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ẹ kò ní lò fún oṣù kan, ẹ yọ bátìrì rẹ̀. Màmá kò fẹ́ràn èyí, wọ́n ní àwọn ò lè máa wá bátìrì kiri lálẹ́. A gbà pé kí a fi rọ́bà ìdiwọ́ so páálí kékeré tí bátìrì wà nínú rẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ náà. Ó ti tán.

Bí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí ẹ rí ohun funfun bí iyọ̀ ní ìdí bátìrì, ó ti tú nìyẹn. Omi tó jáde jẹ́ irú ohun tó ń jó awọ ara, atẹ́gùn ló sì sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú funfun. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ kan ojú. Ẹ yọ bátìrì náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dojú dé kí ìyókù lè gbọ̀n jáde. Ẹ wá fi òwú ìnutí kan omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà, ẹ rọra fi pa ibi tó funfun náà. Á máa hó fíríríri, ẹ ó tiẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ẹ bá gbé etí sún mọ́ ọn. Ohun kíkan ló ń pa oró omi bátìrì náà. Bí kò bá hó mọ́, ẹ fi òwú tuntun tí ẹ rẹ sínú omi díẹ̀ nù ún, ẹ tún fi èyí tó ní sípíríìtì nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí bíi mélòó kan. Bí irin tó ń kan bátìrì bá ṣì ní àwọ̀ ewé, ẹ fi sanpépà tó kúnná fá a títí á fi dán. Bí omi náà bá ti jẹ irin ọ̀hún gé, kò sí ohun tí ọsàn lè ṣe mọ́.

Ẹ má fi álíkáláìnì tuntun kún ti àtijọ́, ẹ má sì ṣáàjì rẹ̀ nínú ṣájà oníníkẹ́lì, bó ti wù kí iṣẹ́ yá tó.

Ìkarùn-ún: lítíọ́mù, èyí tí a ń ṣáàjì àti èyí tí a kì í ṣáàjì

Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ìtọ́jú wọn kò sì jọra rárá.

FR6 àti CR2032, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú páálí tí wọ́n fi tà wọ́n títí di ọjọ́ ìlò. CR2032 tí ẹ bá tú sílẹ̀ lásán tí wọ́n sì gun orí ara wọn, ńṣe ni wọ́n ń fa iná ara wọn tán. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ju iná lọ ni ọmọdé. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì péré. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má mú un bì. Nítorí náà, ibi tí ọwọ́ ọmọ kò tó ni dúróà tèmi wà, a sì ń tì í pa.

Lítíọ́mù tí a ń ṣáàjì, bíi ti páwà báǹkì, fóònù àti tọ́ọ̀ṣì tuntun, iná rẹ̀ kì í yára lọ: nǹkan bí ìdá 1 sí ìdá 2 lóṣù, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ọ nínú lọ́hùn-ún ń jẹ. Ewu tirẹ̀ ni pé bí a bá gbé e sílẹ̀ ní kíkún nínú ooru, kì í ṣe iná nìkan ló ń lọ, agbára tó fi ń gba iná náà ń kú, kò sì ní padà mọ́. Èyí tí a tọ́jú ní kíkún ní 25°C lè pàdánù nǹkan bí ìdá 20 agbára náà lọ́dún kan, tí èyí tí a tọ́jú ní ìdá 40 kò sì ní pàdánù ju nǹkan bí ìdá 4 lọ. Ní 40°C, ìdá 35 ni ti kíkún.

Kí a fi í sílẹ̀ ní òfo pátápátá náà kò dáa. Bí ó bá wálẹ̀ jù, bàbà inú rẹ̀ á yọ́ sínú omi rẹ̀, ìgbà tí a bá tún ṣáàjì rẹ̀ ló lè di ewu. Torí náà, páwà báǹkì tí ẹ kò lò, ẹ fi sílẹ̀ ní àárín, iná méjì nínú mẹ́rin tó wà lára rẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Èyí tó bá wú, ẹ má ṣáàjì rẹ̀ mọ́, ẹ má sì gún un.

Àmọ́ ìlú wa nìyí. Bí iná NEPA bá ń ṣe ségesège lọ́wọ́, páwà báǹkì tí ẹ máa lò lọ́la gbọ́dọ̀ kún lónìí. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kì í ṣe ìpamọ́. Ìlànà ìdajì yìí wà fún èyí tí ẹ tọ́jú fún oṣù.

Bí mo ṣe to tèmi báyìí

Ike oníyàrá kékeré ni mo rà, irú èyí tí bátìrì kọ̀ọ̀kan máa ń wọ̀ sí ààyè tirẹ̀ tí orí wọn kò fi ní kan ara wọn. Kọ́kọ́rọ́ tàbí owó ẹyọ kò gbọ́dọ̀ bá wọn gbé, pàápàá bátìrì fóòtì 9 tí orí méjèèjì rẹ̀ wà lápá kan. Mo fi téèpù bò wọ́n lórí.

Oníníkẹ́lì tuntun mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ní ìsọ̀rí mẹ́rin mẹ́rin, téèpù kékeré lára ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oṣù àti ọdún tí mo ṣáàjì rẹ̀. Ìsọ̀rí tí déètì rẹ̀ pẹ́ jù ni à ń kọ́kọ́ mú lò. Èyí tó bá pé oṣù mẹ́fà láìlò, mo máa ń kún un, ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mo sì máa ń ṣe ìdánwò ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn fún wọn. Rédíò àti tọ́ọ̀ṣì ló ń lò wọ́n jù.

Álíkáláìnì mẹ́rin wà fún aago àti rìmóòtù, tí n kì í rà ju ohun tí a máa lò láàárín ọdún kan sí méjì lọ. Kí n tó sanwó, mo máa ń wo déètì tó wà lára rẹ̀, mo sì máa ń wo ibi tí ọlọ́jà pa á sí. Èyí tí wọ́n to sí iwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn láti òwúrọ̀, mi ò ní rà á, bí déètì rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́jọ síwájú. Ìwé tó wà nínú páálí ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru ti màmá sọ pé álíkáláìnì ni kí a máa lò, ẹ ka ti yín náà kí ẹ tó fi oníníkẹ́lì sí i, torí fóòtì 1.2 rẹ̀ lè mú kí ẹ̀rọ kan rò pé bátìrì ti fẹ́ tán.

FR6 mẹ́rin péré ni mo ní, nínú páálí wọn, tí mi ò tíì ṣí. Mo fi ìwé tí a kọ “MÀMÁ” sí dè wọ́n. Ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni wọ́n wà fún, ní alẹ́ tí ohunkóhun mìíràn bá kọ̀. Ọdún tó wà lára wọn ṣì jìnnà réré, mo sì mọ̀ pé bí mo bá já páálí náà ní ọdún mẹ́wàá sí i, iná ṣì máa wà níbẹ̀.